Ìwé àwìn tí kò sọ iye kóńgò: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ínfáàsì mátíríìsì mẹ́ta-sí-mẹ́ta

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí mo ń kọ́ ní lẹ́sìnnì ní Tánkẹ̀, níbí ní Ìlọrin, ló gbé ìwé àwìn ìyá rẹ̀ wá bá mi. Ìyá náà ń ta ẹ̀wà, gàrí àti èlùbọ́ ní Ọjà Ìpàtà. Ó kọ iye kóńgò tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan gbé, ó kọ àpapọ̀ owó tí wọ́n jẹ, ṣùgbọ́n kò kọ iye tó ta kóńgò kan. Ọmọ náà ní, "Tíṣà, ṣé mátíríìsì tí ẹ ń kọ́ wa yìí lè sọ ọ́?" Ó lè sọ ọ́. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e lọ́jọ́ náà àti láwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo kó jọ síbí. Mo ti ṣe àwọn iye owó náà kí ó rọrùn láti ṣírò, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e lọ sọ́jà lọ fi ná ọjà.

Kí ló wà nínú ìwé àwìn náà gan-an?

Oníbàárà mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ìyá Ìbejì gbé ẹ̀wà kóńgò 2, gàrí 1 àti èlùbọ́ 1, gbèsè rẹ̀ jẹ́ ₦7,800. Àlífà gbé ẹ̀wà 1, gàrí 3 àti èlùbọ́ 2, ó jẹ ₦9,600. Bọ̀dá Télọ̀ gbé ẹ̀wà 3, gàrí 1 àti èlùbọ́ 2, tirẹ̀ jẹ́ ₦12,000. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n rajà, iye kan náà la sì gbà pé ìyá tà á fún gbogbo wọn. Ẹ fi gbólóhùn ìkẹyìn yìí sọ́kàn, nítorí òun ló dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tó yá.

Ẹ jẹ́ kí x dúró fún owó kóńgò ẹ̀wà kan, kí y dúró fún gàrí, kí z dúró fún èlùbọ́:

```
2x +  y +  z =  7800
 x + 3y + 2z =  9600
3x +  y + 2z = 12000
```

Bí a bá yọ àwọn lẹ́tà kúrò, iye kóńgò nìkan ló kù, òun sì ni mátíríìsì A. Àwọn àpapọ̀ owó tó wà lápá ọ̀tún ni b.

```
    | 2  1  1 |        |  7800 |
A = | 1  3  2 |    b = |  9600 |
    | 3  1  2 |        | 12000 |
```

Oníbàárà kan ló ni ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan, ọjà kan ló sì ni ìlà òòró kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbàgbé èyí láàárín ìṣirò máa ń da owó Àlífà pọ̀ mọ́ owó gàrí.

Kí ni ínfáàsì ń ṣe?

Ká ní ọjà kan ṣoṣo ni, tí ẹnì kan gbé kóńgò 4 tó sì san ₦4,800, a ó pín 4,800 sí 4, ó parí. A kò lè fi mátíríìsì pín nǹkan. Ohun tí a lè ṣe ni ká wá mátíríìsì mìíràn tó máa tú iṣẹ́ A palẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n tú irun tí wọ́n dì. Mátíríìsì yẹn ni ínfáàsì, A⁻¹ la ń kọ ọ́. Bí a bá fi A lọ́nà A⁻¹, ohun tó máa jáde ni mátíríìsì I, tó ní 1 mẹ́ta láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, tí òdo sì kún gbogbo ibi tó kù. I kì í yí ohunkóhun padà, gẹ́gẹ́ bí 1 kì í ti yí nọ́ńbà padà.

Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Láti ditámínáǹtì, ìyẹn nọ́ńbà kan ṣoṣo tí a ń ṣírò láti inú A, nítorí òun ló máa sọ bóyá ínfáàsì wà tàbí kò sí. Ẹ mú ìlà ìbú kìíní, ìyẹn 2, 1, 1. Fún 2, ẹ fi ìka bo ìlà ìbú rẹ̀ àti ìlà òòró rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ló máa kù sílẹ̀: 3 àti 2 lókè, 1 àti 2 nísàlẹ̀. 3 lọ́nà 2 jẹ́ 6, 2 lọ́nà 1 jẹ́ 2, ẹ yọ ọ́ kúrò, ó ku 4. Nọ́ńbà yìí là ń pè ní máínọ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún 1 tó tẹ̀ lé e, ẹ máa rí −4, fún 1 ìkẹyìn ẹ máa rí −8.

Àmì tí a ó fi sí wọn ń yí padà: àròpọ̀, ìyọkúrò, àròpọ̀.

```
det A = 2(4) − 1(−4) + 1(−8) = 8 + 4 − 8 = 4
```

Ditámínáǹtì jẹ́ 4. Kì í ṣe òdo, nítorí náà ínfáàsì wà.

Kófákítọ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà kọ́ ni máínọ̀?

Máínọ̀ tó ti wọ àmì rẹ̀ ni kófákítọ̀. Àyè mẹ́sàn-án ló wà nínú A, àyè kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tirẹ̀, tí wọ́n ń tò ní gẹ́lẹ́ bí dúdú àti funfun ojú pátákó dráfù:

```
+  −  +
−  +  −
+  −  +
```

Àmì yìí kò sọ pé kí nọ́ńbà náà di èyí tó ní ìyọkúrò. Ó sọ pé níbi tí ìyọkúrò bá wà, kí ẹ yí àmì nọ́ńbà padà. Máínọ̀ tó jẹ́ −4 ní àyè kejì ìlà kìíní yóò di 4. Ibí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ń kọ́ ti ń ṣubú, kì í ṣe níbi ìṣirò tó le. Wọ́n á rí −4, wọ́n á rí àmì ìyọkúrò, wọ́n á ní ó ti ní i tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wò ó, máínọ̀ wà lápá òsì, kófákítọ̀ lápá ọ̀tún:

```
 4  −4  −8          4   4  −8
 1   1  −1         −1   1   1
−1   3   5         −1  −3   5
```

Kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, ìdánwò kékeré kan wà tí kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ mú ìlà ìbú kejì A, 1, 3, 2, kí ẹ fi kófákítọ̀ ìlà kejì bá a lọ: 1(−1) + 3(1) + 2(1) jẹ́ 4. Ìlà kẹta: 3(−1) + 1(−3) + 2(5), ó tún jẹ́ 4. Ìlà tó bá fún yín ní nọ́ńbà mìíràn ni àṣìṣe ti wọlé, ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ padà sí.

Tíṣà, kí ló dé tí a tún fi ń yí ìlà ìbú kófákítọ̀ padà sí ìlà òòró? Mo ti rí kófákítọ̀, kí n pín in sí 4 kó parí.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, nítorí pé "bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn" ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa fi dáhùn rẹ̀.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé bí ìlà ìbú kan bá pàdé kófákítọ̀ tirẹ̀, 4 ló ń jáde. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ó bá pàdé kófákítọ̀ ìlà mìíràn? Ẹ fi ìlà kìíní A, 2, 1, 1, pàdé kófákítọ̀ ìlà kejì: 2(−1) + 1(1) + 1(1) jẹ́ òdo. Ẹ fi pàdé ti ìlà kẹta: 2(−1) + 1(−3) + 1(5), òdo náà ni. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà gbogbo: ìlà àti kófákítọ̀ tirẹ̀ ń bí ditámínáǹtì, ìlà àti kófákítọ̀ ẹlòmíràn ń bí òdo.

Ohun tí a sì ń wá gan-an nìyẹn, 4 lórí ìlà tó dábùú, òdo níbi gbogbo yòókù. Ṣùgbọ́n nínú ìsọdipúpọ̀ mátíríìsì, ìlà ìbú mátíríìsì àkọ́kọ́ kì í pàdé ìlà ìbú mátíríìsì kejì. Ìlà òòró mátíríìsì kejì ló máa ń pàdé. Nítorí náà, kí kófákítọ̀ ìlà kìíní tó lè pàdé ìlà kìíní A, ó gbọ́dọ̀ dìde dúró, kó di ìlà òòró kìíní. Ìdí tí a fi ń yí i nìyẹn. Ohun tí a rí lẹ́yìn yíyí náà ni ájọ́ìntì:

```
        |  4  −1  −1 |
adj A = |  4   1  −3 |
        | −8   1   5 |
```

Ínfáàsì ni ájọ́ìntì tí a pín sí ditámínáǹtì, ìyẹn ¼ lọ́nà ohun tó wà lókè yìí.

Ṣé kí n pín gbogbo rẹ̀ sí 4 báyìí?

Rárá o. Ẹ jẹ́ kí ¼ dúró síta títí dé òpin. Nọ́ńbà odidi rọrùn, ida máa ń bí àṣìṣe. Bí ditámínáǹtì bá jẹ́ 7 tàbí 13, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín.

Báwo ló ṣe wá sọ owó kóńgò?

A ní A lọ́nà owó jẹ́ b. A fi A⁻¹ lu ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti apá òsì, A pòórá, owó sì jẹ́ A⁻¹ lọ́nà b:

```
x = ( 4×7800 − 9600 −   12000) ÷ 4 = 9600 ÷ 4 = 2400
y = ( 4×7800 + 9600 − 3×12000) ÷ 4 = 4800 ÷ 4 = 1200
z = (−8×7800 + 9600 + 5×12000) ÷ 4 = 7200 ÷ 4 = 1800
```

Ẹ̀wà ₦2,400, gàrí ₦1,200, èlùbọ́ ₦1,800. Ẹ dá a padà sínú ìwé àwìn. Ìyá Ìbejì: 4,800 àti 1,200 àti 1,800 jẹ́ 7,800. Ó bára mu. Ẹ yẹ Àlífà àti Bọ̀dá Télọ̀ wò fúnra yín.

Ṣé mo lè kọ b ṣáájú A⁻¹?

Ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. b ní ìlà òòró kan péré, A⁻¹ ní ìlà ìbú mẹ́ta. Wọn kò lè pàdé ní ọ̀nà yẹn.

Báwo ni máa ṣe mọ̀ pé mo ti ṣì í ṣe?

Àṣìṣe kọ̀ọ̀kan ní ìrísí tirẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ gbàgbé láti yí kófákítọ̀, tó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ̀wà rẹ̀ yóò jẹ́ −₦6,600, gàrí ₦3,450, èlùbọ́ ₦5,850. Ìyá wo ló ń ta ẹ̀wà tó tún ń fún oníbàárà ní ẹgbẹ̀ta-lé-ní-ẹgbàáta náírà lé e? Ká ní ó rántí yíyí ṣùgbọ́n tó gbàgbé àmì dráfù, ẹ̀wà á di ₦7,200, gàrí ₦3,600, èlùbọ́ −₦3,000.

Lọ́jà, owó tó ní ìyọkúrò máa ń pariwo fúnra rẹ̀. Nínú ìbéèrè tí x, y àti z kò jẹ́ owó, kò sí ẹni tó máa pariwo. Nítorí náà, kí ẹ tó lo ínfáàsì rárá, ẹ fi A lọ́nà ájọ́ìntì. Bí iṣẹ́ yín bá tọ́, 4 mẹ́ta ló máa dábùú, òdo mẹ́fà ló máa yí wọn ká. Bí ẹ bá gbàgbé yíyí, òdo yẹn kò ní jáde. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ṣe ìlà ìbú kan péré bí àkókò ò bá sí: 4, 0, 0. Ìlà kan yẹn kò mú gbogbo àṣìṣe, ṣùgbọ́n ó ń mú èyí tó pọ̀ jù.

Bí ditámínáǹtì bá jẹ́ òdo ńkọ́?

Ká ní Bọ̀dá Télọ̀ gbé ẹ̀wà 3, gàrí 4 àti èlùbọ́ 3. Ditámínáǹtì yóò jẹ́ 2(1) − 1(−3) + 1(−5), ìyẹn òdo. Ẹ wo ohun tó gbé dáadáa: ẹ ro ohun tí Ìyá Ìbejì gbé pọ̀ mọ́ ti Àlífà, ohun tí Bọ̀dá Télọ̀ gbé náà ló máa jáde. Kò sọ ohun tuntun kankan fún wa. Oníbàárà mẹ́ta la rí, ìròyìn méjì la gbọ́.

Ọ̀nà méjì ló wá lè gbà. Bí owó rẹ̀ bá jẹ́ ₦17,400, tó jẹ́ àpapọ̀ owó àwọn méjì tó kù, ìdáhùn pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. 2,400, 1,200 àti 1,800 tọ̀nà. 2,300, 900 àti 2,300 náà tọ̀nà. Ẹ fi wọ́n sínú rẹ̀ kí ẹ wò ó. Bí owó rẹ̀ bá sì jẹ́ ₦17,000, kò sí ìdáhùn rárá, nítorí ìwé náà ti ń tako ara rẹ̀, ẹnì kan ni wọ́n ṣe ẹ̀dínwó fún tàbí ẹnì kan ti kọ nọ́ńbà òdì. Ditámínáǹtì nìkan kò lè sọ èwo nínú méjèèjì ni. Ẹ máa wo apá ọ̀tún.

Wọ́n ní ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ láti máa yọ x, y tàbí z kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ìlà mẹ́ta náà títí lẹ́tà kan á fi kù. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni. Fún ìwé àwìn kan ṣoṣo, yíyọ lẹ́tà kúrò yá ju ínfáàsì lọ, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ibi tí ínfáàsì ti ń sanwó ara rẹ̀ padà ni ìgbà tí iye kóńgò kò bá yí padà ṣùgbọ́n tí owó ń yí padà. Ká ní ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e àwọn mẹ́ta náà gbé ohun tí wọ́n gbé tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbèsè wọn di 8,600, 10,600 àti 13,200. Ẹni tó yọ lẹ́tà kúrò á tún bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹni tó ní ájọ́ìntì lọ́wọ́ á kan fi b tuntun sí i: ẹ̀wà 2,650, gàrí 1,350, èlùbọ́ 1,950. Ìlà mẹ́ta péré ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é ní mátíríìsì?

Ọ̀gbẹ́ni James Joseph Sylvester ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ ní 1850, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ilé-ọmọ. Lójú rẹ̀, inú rẹ̀ ni àwọn ditámínáǹtì kéékèèké ti ń jáde, bí máínọ̀ mẹ́sàn-án tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí yìí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Arthur Cayley, ló wá kọ̀wé lórí bí a ṣe ń ṣírò pẹ̀lú rẹ̀, àti ínfáàsì rẹ̀, ní 1858.

Ṣé mo lè fi fóònù ṣe é?

Bẹ́ẹ̀ ni, nínú Google Sheets tàbí Excel. Ẹ kó A sí A1 títí dé C3, kí b wà ní E1 dé E3, kí ẹ sì tẹ èyí:

```
=MMULT(MINVERSE(A1:C3),E1:E3)
```

Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Fóònù máa ń gé ida kù, nítorí náà ditámínáǹtì tó jẹ́ òdo lórí ìwé lè hàn lójú fóònù bí nǹkan tín-ín-rín bíi `1E-16`. Fóònù á gbà pé ínfáàsì wà, á sì kó nọ́ńbà ràgàjì jáde. Bí ẹ bá rí ìdáhùn tó tó bílíọ̀nù láti inú gbèsè ẹgbẹ̀rún mélòó kan, ẹ padà lọ fi ọwọ́ ṣírò ditámínáǹtì.

Ìyá náà ńkọ́? Ṣé iye tó jáde bá ti ọjà mu?

Lákọ̀ọ́kọ́, kò bá a mu. Ohun tó wà nínú ìwé fún Ìyá Ìbejì nígbà tí ọmọ náà gbé e wá jẹ́ ₦7,600. A ṣe gbogbo ohun tó wà lókè yìí, ẹ̀wà jáde ní 2,200, gàrí 1,000, èlùbọ́ 2,200. A dá a padà sínú ìwé, gbogbo rẹ̀ bára mu láìku náírà kan. Ọmọ náà yọ̀, ó gbé e lọ bá ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìgbà wo ni mo ta èlùbọ́ ní owó ẹ̀wà?"

Nígbà tó padà wá, mo ní kí ó wo ìlà òòró kìíní ájọ́ìntì: 4, 4, −8. Ìlà yẹn ló ń pàdé owó Ìyá Ìbejì. Ẹ pín in sí 4, ó di 1, 1, −2. Ìyẹn ni pé bí owó Ìyá Ìbejì bá fi ₦100 yẹ̀, ẹ̀wà á yẹ̀ ní 100, gàrí á yẹ̀ ní 100, èlùbọ́ á sì yẹ̀ ní 200 sí òdìkejì. Owó Àlífà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀: ìlà òòró kejì jẹ́ −1, 1, 1, nítorí náà ₦100 rẹ̀ kò lè yẹ owó kóńgò kankan ju ₦25 lọ. Lójú mi, apá ínfáàsì tó wúlò jù nìyí, àwọn tó ń yọ lẹ́tà kúrò kì í sì í rí i: ó ń fi ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ máa ba gbogbo ìṣirò jẹ́ hàn yín.

Mo ní kí ó lọ béèrè nípa Ìyá Ìbejì nìkan. Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni, òun dín igba náírà kù fún un lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀, òun kò sì kọ ọ́ sínú ìwé. A dá igba náírà padà, 7,600 di 7,800, èlùbọ́ sì padà sí ₦1,800.